Iná, Epo àti Dígí Ilé-Ìmọ́lẹ̀ Aleksáńdíríà: Ohun tí Àwọn Ẹlẹ́rìí Sọ àti Ohun tí Ìtàn Fi Kún Un

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ilé-ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ọba Gíríìkì kọ́ sí erékùṣù Fárọ́ọ̀sì ní Aleksáńdíríà, tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 280 ṣáájú ìbí Kírísítì. Ìbéèrè mẹ́ta ni a bi: báwo ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, kí ni wọ́n lè máa dá níná níbẹ̀, ṣé lóòótọ́ sì ni dígí ńlá wà lórí rẹ̀? A to ẹ̀rí àwọn òǹkọ̀wé bí ọjọ́ orí wọn ṣe tẹ̀lé ara wọn, a sì fi ìṣirò kékeré dán ọ̀rọ̀ wọn wò. Ohun tí a rí ni pé iná wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé gíga ilé náà ló ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń gbé fún dígí, àti pé ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún kan lọ lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ilé náà kí dígí tó wọ inú ìtàn rẹ̀.

1. Ìfáárà

Àwọn tó kọ́ èdè Faransé láàárín wa mọ ọ̀rọ̀ náà fáà dáadáa. Òun ni wọ́n fi ń pe iná iwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Òun náà ni wọ́n fi ń pe ilé gíga tí wọ́n ń tan iná sí létí òkun kí ọkọ̀ ojú omi má baà forí sọ àpáta. Orúkọ erékùṣù ni ọ̀rọ̀ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Fárọ́ọ̀sì ni erékùṣù náà ń jẹ́, níwájú ìlú Aleksáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì. Sítírábò, onímọ̀ ilẹ̀ ayé tó gbé ní Aleksáńdíríà fúnra rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé orúkọ kan náà ni erékùṣù náà àti ilé orí rẹ̀ ń jẹ́. Nígbà tó yá, ilé-ìmọ́lẹ̀ yòówù tí àwọn ará Róòmù bá kọ́, orúkọ yìí ni wọ́n ń pè é, títí ó fi dé ẹnu àwọn Faransé.

Bí orúkọ yẹn ṣe rin ìrìn-àjò ni ìtàn ilé náà ṣe rìn, ṣùgbọ́n ìtàn kì í rin ọ̀nà jíjìn kó má gbé ẹrù kún ẹrù. Ẹrù tó wúwo jù nínú rẹ̀ ni ti dígí. Wọ́n ní dígí ńlá kan wà lórí ilé náà tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ iná lọ sí ojú òkun. Àwọn mìíràn ní ènìyàn lè wo inú rẹ̀ kó rí ọkọ̀ àwọn ọ̀tá nígbà tí wọ́n ṣì jìnnà réré, àti pé wọ́n lè dojú rẹ̀ kọ oòrùn kí wọ́n fi jó ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà nínú ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìtàn gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rí nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ àlọ́.

2. Ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí àti bí wọ́n ṣe kọ́ ọ

Sítírábò sọ ìdí tí wọ́n fi nílò ilé náà. Etíkun Íjíbítì rẹlẹ̀, kò sí òkè tí atukọ̀ lè fi ṣe àmì. Ẹni tó ń bọ̀ láti ojú òkun kì í rí ilẹ̀ títí yóò fi sún mọ́ ọn jù, bẹ́ẹ̀ sì ni àpáta àti ibi tí omi kò jìn wà ní ọ̀tún àti ní òsì ẹnu ọ̀nà èbúté. Àmì tó ga, tó sì mọ́lẹ̀, ni wọ́n ń wá. Níwọ̀n bí ilẹ̀ kò ti fún wọn ní òkè, wọ́n ní láti fi òkúta kọ́ ọ.

Tólẹ́mì Kìíní ni wọ́n ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà sí, tí iṣẹ́ sì parí nígbà ọmọ rẹ̀, Tólẹ́mì Kejì. Wọ́n ti fi òkúta àti erùpẹ̀ di ọ̀nà gba inú omi láti ìlú dé erékùṣù náà. Pílínì ará Róòmù sọ pé owó ilé náà tó 800 tálẹ́ńtì. Bí a bá fi òṣùwọ̀n Átẹ́ńsì kà á, tálẹ́ńtì kan jẹ́ nǹkan bí kílò 26 fàdákà, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 20 fàdákà. Orúkọ ẹni tó wà lára ilé náà ni Sósítírátọ́ọ̀sì, ọmọ ìlú Kínídọ́ọ̀sì.

Ìpele mẹ́ta ni ilé náà ní. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin, fífẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì tó nǹkan bí mítà 30. Ti àárín jẹ́ onígun mẹ́jọ, ó sì kéré sí ti ìsàlẹ̀. Ti òkè rí róbótó bí òpó, òun ló sì kéré jù. Owó idẹ tí wọ́n rọ ní Aleksáńdíríà nígbà ìjọba Róòmù fi àwòrán rẹ̀ hàn: ère wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀, àwọn ère tó ń fọn fèrè sì wà ní igun ìpele ìsàlẹ̀. Ṣíṣe tí wọ́n ń dín ilé náà kù bó ṣe ń ga kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Ó jẹ́ kí ìwúwo pọ̀ sí ìsàlẹ̀, kí atẹ́gùn òkun má sì rí ara tó fẹ̀ gbá ní òkè. Igun mẹ́jọ àti òpó róbótó a máa pín atẹ́gùn sí méjì, kò ní gbà á bí ògiri pẹlẹbẹ ṣe ń gbà á.

Òkúta funfun ni Sítírábò sọ pé wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1994, nígbà tí Jọ́ọ̀n-Ìífù Ọ̀ńpẹrẹ̀ àti àwọn òmùwẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ omi níbẹ̀, wọ́n ti rí òkúta gíráníìtì ńláńlá tí wọ́n gbé wá láti Asuwáànì, ní ìhà gúúsù Íjíbítì. Àwọn kan nínú wọn wúwo tó tọ́ọ̀nù 70. Èyí kọ́ wa pé oríṣi òkúta méjì ló ṣeé ṣe kí wọ́n pa pọ̀: èyí tó funfun, tó sì rọrùn láti gbẹ́, fún ara ògiri, èyí tó le fún ibi tí ẹrù ti ń wúwo jù, bí àtẹ́rígbà àti òpó ẹnu ọ̀nà. Al-Idirísì, tó kọ ìwé rẹ̀ ní ọdún 1154, fi kún un pé òjé yíyọ́ ni wọ́n fi so òkúta mọ́ òkúta, tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbì òkun kò lè yà wọ́n nípá. Òjé kò le bí irin. Bí ilẹ̀ bá mì tàbí tí ìgbì bá lu ògiri, ó lè tẹ̀ díẹ̀ kí òkúta tó là, omi iyọ̀ kì í sì í jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ irin.

Ohun kan tún wà nínú ilé náà tí ọ̀rọ̀ wa yóò padà sí. Ọ̀nà gòkègòkè ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe àtẹ̀gùn. Ọ̀nà náà yípo lára ògiri láti ìsàlẹ̀ dé orí ìpele kìíní, ó sì fẹ̀. Àlejò kan láti ìlú Málágà, tó wọn ilé náà ní nǹkan bí ọdún 1166, gba ibẹ̀ gòkè, ó sì kà ọ̀pọ̀ yàrá tó ṣí sí ọ̀nà náà. Ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn ni ẹranko abẹrù lè gùn.

3. Ta ló rí iná?

Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ti sọ rí pé àmì ojúmọmọ lásán ni ilé náà ní ìbẹ̀rẹ̀, àti pé àwọn ará Róòmù ló wá gbé iná sórí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rúndún mẹ́ta. Ìdí wọn ni pé Sítírábò kò dárúkọ iná ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan wà tó ju Sítírábò lọ ní ọjọ́ orí. Akéwì Gíríìkì kan tó ń jẹ́ Pósídípọ́ọ̀sì gbé ayé nígbà tí ilé náà ṣì jẹ́ tuntun. Ó kọ ewì kúkúrú kan nípa rẹ̀, ewì náà sì bọ́ sọ́wọ́ wa lórí pápírù tí wọ́n rí ní Mẹ́ḿfísì. Nínú rẹ̀ ni ó ti dárúkọ Sósítírátọ́ọ̀sì, tó sọ pé ilé náà hàn láti ọ̀nà jíjìn lójú ọ̀sán, tó sì sọ pé lóru, atukọ̀ yóò rí iná ńlá tó ń jó ní orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé ayé nígbà náà nìyẹn, ó sì parí iyàn.

Pílínì, tó kọ ìwé ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ìbí Kírísítì, sọ pé iṣẹ́ iná náà ni láti kìlọ̀ fún ọkọ̀ òru nípa ibi tí omi kò jìn àti láti fi ẹnu ọ̀nà èbúté hàn. Ó ní irú rẹ̀ ti ń jó ní Ọ́sítíà àti Ràfẹ́nà ní ilẹ̀ Ítálì. Lẹ́yìn náà ni ó sọ àléébù rẹ̀: nítorí pé iná náà ń jó láìdáwọ́dúró, ẹni tó bá rí i láti ọ̀nà jíjìn lè rò pé ìràwọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ìṣòro òkun nìyẹn. Lónìí, iná ilé-ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan a máa ṣẹ́jú ní ọ̀nà tirẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Iná ìgbà náà kò lè ṣẹ́jú. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí atukọ̀ fi lè mọ ìyàtọ̀ ni kó ní sùúrù: ìràwọ̀ a máa yọ, a sì máa wọ̀, ṣùgbọ́n iná ilé náà a máa dúró sí ojú kan létí òfurufú.

Jòsẹ́fọ́ọ̀sì, òpìtàn Júù tó jẹ́ ẹgbẹ́ Pílínì, fún wa ní iye. Ó ní iná náà hàn dé 300 sítédíọ̀mù, kí àwọn ọkọ̀ lè dákọ̀ró sí ọ̀nà jíjìn lóru nítorí bí ẹnu ọ̀nà èbúté náà ṣe le tó. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo gbólóhùn yìí. Kì í ṣe pé iná náà ń pe ọkọ̀ wọlé lóru. Ó ń sọ fún un pé kó dúró níbi tó wà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Iná tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò nílò kó tan ojú omi bí ọ̀sán. Ó tó kó ṣeé rí.

4. Bí gíga ṣe ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀

Ṣé 300 sítédíọ̀mù ṣeé gbà gbọ́? Bí a bá ka sítédíọ̀mù kan sí mítà 185, iye náà jẹ́ kìlómítà 55 àti díẹ̀. Ohun tó ń dí iná lọ́wọ́ láti hàn dé ibẹ̀ ni pé ayé rí róbótó: ojú omi a máa yọ gbẹ̀du sókè láàárín iná àti ojú ẹni tó ń wò ó. Ìlànà kan wà tí àwọn atukọ̀ ń lò láti fi mọ bí ohun gíga ṣe lè hàn jìnnà tó:

d = 3.86 × √h

Nínú rẹ̀, h ni gíga ní mítà, d sì ni ọ̀nà tó lè hàn dé ní kìlómítà. √h ni nọ́ńbà tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí yóò fún wa ní h. A óò ṣe é fún iná, a óò tún ṣe é fún ojú ẹni tó ń wò, a óò sì pa méjèèjì pọ̀.

Ká ní wọ́n dá iná sí etí òkun lásán, lórí òkìtì tó ga ní mítà 4. Yóò hàn dé kìlómítà 7.7. Atukọ̀ tí ojú rẹ̀ ga ní mítà 5 sí omi yóò fi 8.6 kún un, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 16. Ní etíkun tó kún fún àpáta, ìyẹn lè má tó fún ọkọ̀ tí atẹ́gùn ń tì láti ẹ̀yìn.

Wàyí o, ká gbé iná kan náà lọ sí orí ilé tó ga ní mítà 100. Yóò hàn dé kìlómítà 38.6, pẹ̀lú ojú atukọ̀, ó di 47. Bí ilé náà bá ga tó mítà 120, tí ẹnì kan sì gun òpó ìgbòkun dé mítà 10, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 54.5. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iye Jòsẹ́fọ́ọ̀sì mu. Gíga tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fún ilé náà lónìí bẹ̀rẹ̀ láti mítà 100 lọ sókè. Nítorí náà, Jòsẹ́fọ́ọ̀sì kò purọ́. Ọ̀nà tó jìnnà jù lọ tí iná náà lè hàn dé lóru tí ojú ọ̀run mọ́ gaara ni ó sọ. Lóru tí ìkùukùu tàbí eruku bá wà, kò lè tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìṣirò yìí ni pé iná kan náà, láìfi igi kan kún un, hàn ní ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tó ń hàn tẹ́lẹ̀ nítorí pé wọ́n gbé e sókè. Bákan náà, dígí yòówù kò lè mú iná kọjá ibi tí ojú omi ti bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí 800 tálẹ́ńtì rà ni gíga.

5. Kí ni wọ́n ń dá níná?

Kò sí òǹkọ̀wé àtijọ́ kan tó dárúkọ ohun tí iná náà ń jẹ. Bí ó ti wù kó rí, a lè wo ohun tí ilẹ̀ Íjíbítì ní, ká sì wo iye tí iná bẹ́ẹ̀ yóò gbà.

Igi ni ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn, ṣùgbọ́n Íjíbítì kì í ṣe ilẹ̀ igbó. Akasíà àti igi díẹ̀ mìíràn ló wà níbẹ̀, pákó ńlá sì ń ti òkè òkun wá. Àwọn ará ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohun mìíràn rọ́pò igi. Tìófírásítọ́ọ̀sì, onímọ̀ ewéko tó kú ní nǹkan bí ọdún méje ṣáájú kí ilé náà tó parí, kọ ọ́ pé gbòǹgbò pápírù ni àwọn ará Íjíbítì ń lò bí igi, fún ìdáná àti fún ṣíṣe oríṣiríṣi ohun èlò. Pápírù pọ̀ nínú irà ẹnu odò Náílì, ọkọ̀ ojú omi sì lè kó o dé Aleksáńdíríà.

Epo ni ọ̀nà kejì. Epo lárà ni àwọn ará Íjíbítì ń tàn nínú fìtílà. Ẹ̀ródótọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ó dára fún fìtílà, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò dára. Ohun tó mú epo ṣe pàtàkì níhìn-ín ni pé ọba ló ni òwò epo. Ìwé òfin owó-orí kan wà lórí pápírù, ti ọdún 259 ṣáájú ìbí Kírísítì, nígbà ìjọba Tólẹ́mì Kejì fúnra rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti là á sílẹ̀ bí wọn yóò ṣe gbin lárà àti sẹ́sáámù, bí wọn yóò ṣe fún epo wọn, àti bí wọn yóò ṣe tà á lábẹ́ ojú àwọn òṣìṣẹ́ ọba. Ọba tó parí ilé-ìmọ́lẹ̀ náà ni ọba tó di ìgò epo gbogbo ilẹ̀ náà mú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká gbà pé iná náà ń jẹ kílò 50 igi ní wákàtí kan, èyí tí yóò fún wa ní iná tó fẹ̀ tó nǹkan bí mítà kan. Òru wákàtí 10 yóò gba kílò 500. Bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan bá ru kílò 70, ẹrù méje tàbí mẹ́jọ ni yóò gòkè lójoojúmọ́. Òkun Mẹditaréníà kì í gba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ nígbà òtútù. Bí a bá ka òru 240 nínú ọdún kan, ó di tọ́ọ̀nù 120 igi. Iye yìí pọ̀ fún ilẹ̀ tí kò ní igbó, ṣùgbọ́n kò ju agbára ìjọba tó kọ́ ilé náà lọ. Ibi yìí ni ọ̀nà gòkègòkè inú ilé náà ti wúlò: ẹranko lè gbé ẹrù gùn ún dé orí ìpele kìíní, kí wọ́n tó fi okùn tàbí èjìká ènìyàn gbé ìyókù.

Epo ní ooru tó ju ìlọ́po méjì ti igi lọ bí a bá fi ìwúwo wọ̀n wọ́n. Nǹkan bí kílò 200 epo lè ṣe iṣẹ́ kílò 500 igi. Ẹrù dín kù, kò sì sí eérú púpọ̀ láti kó sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ní láti fún epo náà, owó rẹ̀ sì ga ju ti igi. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀, kí igi àti gbòǹgbò jẹ́ iná náà, kí epo sì máa ta á jí nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ pa á. Àbá tiwa nìyẹn. Ohun tó dá wa lójú ni pé iná tó fẹ̀, tó ń rú èéfín, ló lè wà níbẹ̀. Kì í ṣe fìtílà kékeré. Kókó yìí ni yóò ṣe ìdájọ́ dígí.

6. Dígí: láti inú ìtàn sí inú ìdánwò

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ dígí, ẹ jẹ́ kí a wo bí ìtàn kékeré kan nípa ilé kan náà ṣe dàgbà. Pílínì sọ pé Tólẹ́mì fi inú rere gbà kí Sósítírátọ́ọ̀sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ilé náà. Ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Pílínì, Lúsíánì òǹkọ̀wé gbé tirẹ̀ dé. Ó ní Sósítírátọ́ọ̀sì fín orúkọ ara rẹ̀ sí òkúta, ó rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀, ó sì kọ orúkọ ọba sí orí ohun tó fi rẹ́ ẹ, kí ti ọba lè wó dànù kí tirẹ̀ sì yọ. Ìtàn kejì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi rántí rẹ̀. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún bá lè ṣe èyí, kí ni ẹgbẹ̀rún ọdún kò ní ṣe?

Pósídípọ́ọ̀sì kò dárúkọ dígí. Sítírábò, Pílínì àti Jòsẹ́fọ́ọ̀sì kò dárúkọ rẹ̀. Suetóníọ́ọ̀sì, tó sọ bí Kíláúdíọ́ọ̀sì Ọba Róòmù ṣe ri ọkọ̀ òkun ńlá kan mọ́lẹ̀ ní Ọ́sítíà, tó sì kọ́ ilé-ìmọ́lẹ̀ tó fi ti Aleksáńdíríà ṣe àwòkọ́ lé e lórí, iná nìkan ló sọ pé àwọn ọkọ̀ ń wò. Inú ìwé àwọn Lárúbáwá ni dígí ti yọ. Al-Masúdì, tó kọ ìwé rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹwàá, sọ ìtàn rẹ̀ báyìí: ọba Róòmù ti Kọnsitantinópù rán ìránṣẹ́ rẹ̀ kan lọ sọ́dọ̀ Al-Walídì, olórí àwọn Mùsùlùmí. Ìránṣẹ́ náà ṣe bí ẹni tó sá wá, ó sì sọ fún un pé ìṣúra wà lábẹ́ ilé-ìmọ́lẹ̀ Aleksáńdíríà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé náà láti òkè, wọ́n sì mú dígí kúrò. Nígbà tí àwọn ará ìlú fura pé ẹ̀tàn ni, ìránṣẹ́ náà ti bá ọkọ̀ lọ lóru.

Ẹ kíyè sí ohun tí ìtàn yìí ń ṣe. Al-Walídì jọba láti ọdún 705 sí 715. Ó ti kú ju ọgọ́rùn-ún méjì ọdún lọ kí Al-Masúdì tó kọ ìwé. Ìtàn náà ń ṣàlàyé ìdí tí ilé náà fi bàjẹ́ lókè àti ìdí tí dígí kò fi sí níbẹ̀ mọ́. Dígí tí ẹnikẹ́ni kò rí ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, àìsí ẹlẹ́rìí nìkan kò tó. Ó yẹ kí a béèrè bóyá ohun náà lè ṣiṣẹ́. Dígí ìgbà yẹn jẹ́ idẹ tí wọ́n fi ohun lílọ̀ bọ̀ títí yóò fi máa dán. Bí ó bá dán dáadáa, ó lè dá bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí i padà. Dígí pẹlẹbẹ kò lè ṣe ju kó jẹ́ kí iná kan dà bí méjì, ti kejì yóò sì rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Dígí tó jin bí abọ́ ló lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí apá kan. Àwọn Gíríìkì mọ irú rẹ̀. Díókílísì kọ ìwé kan lórí dígí tó ń jó nǹkan, ó sì fi hàn irú abọ́ tó lè kó ìtànṣán oòrùn jọ sí ojú kan. Ṣùgbọ́n ilé náà ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí sún mọ́ ọn nígbà tó ń kọ ọ́.

Ká gbà bẹ́ẹ̀ pé wọ́n ní abọ́ idẹ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 2, tí wọ́n gbé iná sí mítà 2 níwájú rẹ̀, níbi tó yẹ. Iná náà fẹ̀ ní mítà kan. Ohun tí ẹni tó wà lójú òkun yóò rí ni gbogbo ojú abọ́ náà tó kún fún àwòrán iná. Ojú abọ́ náà fẹ̀ ní mítà onígun mẹ́rin mẹ́ta, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ojú iná. Ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló padà, nítorí náà ó dà bí iná méjì tí kò pé. Bí a bá fi iná gan-an kún un, kò pé mẹ́ta. Èrè rẹ̀ nìyẹn. Àdánù rẹ̀ ni pé nítorí fífẹ̀ iná náà, ìmọ́lẹ̀ yóò fẹ̀ sí nǹkan bí dígírì 28; gbogbo ojú òkun tó wà níwájú Aleksáńdíríà fẹ̀ tó dígírì 180. Wọn yóò nílò abọ́ mẹ́fà tàbí méje kí wọ́n tó lè bò ó tán, tàbí kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ má jèrè rẹ̀ rárá. Àwọn abọ́ náà yóò sì dúró sí mítà 2 sí iná tó ń rú èéfín, nínú atẹ́gùn tó ní iyọ̀. Kí òru tó jìn, èédú èéfín yóò ti bo ojú wọn. Kí oṣù kan tó pé, ìpẹtà aláwọ̀ ewé yóò ti mú idẹ náà. Ẹni tó bá ti bo idẹ rí mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe lójoojúmọ́ lórí ilé tó ga ní mítà 100.

Ìṣirò yìí fi àṣírí dígí hàn: bí iná bá ṣe kéré sí abọ́ ni èrè rẹ̀ ṣe ń pọ̀. Nígbà tí Ágáńdì ará Jẹ̀nífà ṣe fìtílà tó mọ́lẹ̀ tí kì í rú èéfín ní nǹkan bí ọdún 1780, iná rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Bí wọ́n bá gbé iná bẹ́ẹ̀ sínú abọ́ tó fẹ̀ ní ìdajì mítà, tó sì ń dán, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ níwájú a máa ju ọgọ́rùn-ún ìlọ́po lọ. Ìgbà yẹn ni dígí di ohun èlò gidi fún àwọn ilé-ìmọ́lẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1823, Fẹrẹnẹ́ẹ̀lì ará Faransé gbé awò onípele tirẹ̀ sí ilé-ìmọ́lẹ̀ Kòdúàn, àwọn awò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò lọ́wọ́ dígí. Dígí ń dúró de fìtílà. Íjíbítì ìgbà Tólẹ́mì kò ní fìtílà bẹ́ẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ìsẹ̀lẹ̀ ló pa ilé náà, kì í ṣe ìránṣẹ́ ọba Róòmù. Ti ọdún 1303 ló burú jù. Íbínù Batútà rí i ní ọdún 1326 tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti wó. Nígbà tó padà wá ní ọdún 1349, kò ṣeé wọ̀ mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1477, Súlútánì Káítì-Béè kọ́ odi ogun sí ojú ibẹ̀ gan-an, odi náà sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Tí a bá fẹ́ fi ilé yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a ya ẹ̀rí sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìkíní ni ohun tí ẹni tó gbé ayé nígbà náà sọ: òkúta funfun, gíga, iná òru, orúkọ Sósítírátọ́ọ̀sì. Ìkejì ni ohun tí a fi òye gbé ró láti inú ohun tí ilẹ̀ náà ní, bí igi, gbòǹgbò pápírù àti epo lárà; èyí lè yí padà bí ẹ̀rí tuntun bá jáde. Ìkẹta ni ohun tó wọlé lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, tí ìṣirò kò sì tì lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni dígí wà. Kò yẹ kí a sọ ọ́ nù, nítorí ó ń sọ fún wa ohun tí àwọn ará ọ̀rúndún kẹwàá rò nípa ọgbọ́n àwọn ará ìṣáájú. Ṣùgbọ́n ìtàn tiwọn ni. Kì í ṣe ìtàn àwọn tó ń gbé igi gun ọ̀nà gòkègòkè yẹn ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń kó eérú sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀.